Rímóòtù màmá mi: bí mo ṣe lè tún ojú ilé Android TV tò, kí n yọ áàpù tí a ò lò, kí bọ́tìnnì Netflix sì máa ṣí YouTube

Tọ́lá_Mókọ́lá
Ẹ kú ilé o. Mo ra bọ́ọ̀kìsì Android TV kan fún màmá mi n'Íbàdàn, YouTube nìkan ni wọ́n ń wò, ìwàásù àti eré Yorùbá. Ojú ilé ẹ̀ kún fún áàpù tẹ́nì kan ò lò rí, fídíò ń dédé ṣeré fúnra ẹ̀, ó ń jẹ dátà, bọ́tìnnì Netflix sì wà lábẹ́ OK gan-an, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ṣé mo lè tún ojú ilé yẹn tò, kí n kó áàpù wọ̀nyẹn dànù, kí bọ́tìnnì Netflix sì máa ṣí YouTube? Android 9 ni wọ́n kọ sí About.

Kóredé99
Ìyẹn ò le rárá jàre. Wọ Play Store, dáńlóòdù Button Mapper, tẹ bọ́tìnnì yẹn, mú YouTube, ó tán. Áàpù tó kù, Uninstall gbogbo ẹ̀. Èyí tí ò bá gbà, fi láàptọ́ọ̀pù àti kọmáǹdì lé e lọ. Kódà láńṣà tó bá a wá gan-an, ìyẹn áàpù tó ń gbé ojú ilé jáde, ni kó o kọ́kọ́ yọ, kó o wá fi FLauncher rọ́pò ẹ̀, ìpolówó parí nìyẹn. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Alàgbà_Òṣogbo
Tọ́lá ọmọ mi, dìkódà tèmi náà ń ṣe báyẹn. Mo máa tẹ nọ́ńbà kan, á gbé mi lọ síbi bọ́ọ̀lù. Ohun tí ọmọ mi obìnrin bá mi ṣe ni pé ó kó gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì tí mo fẹ́ràn sínú fávọ́rìtì, mi ò wá nǹkan kiri mọ́. Ṣé tìyá yín ò ní fávọ́rìtì ni? Ẹ sì yẹ bátìrì rímóòtù wò o.

Wáyàmán
Ẹ ṣé bàbá. Dìkódà yàtọ̀ sí nǹkan tí Tọ́lá ń sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ fávọ́rìtì tí ẹ sọ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Tọ́lá, má tíì fọwọ́ kan rímóòtù rárá. Ojú ilé ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe, torí pé kò gba kọ̀ǹpútà, kò sì sí nǹkan tó lè bàjẹ́ níbẹ̀. Ní Android 9, ìlà áàpù tó wà lókè yẹn ni fávọ́rìtì. Gbé ojú sórí áàpù kan, di OK mú, má sọ ọ́ sílẹ̀ títí mẹ́nù kékeré á fi yọ, mú Move, kó o wá fi ọfà òsì tàbí ọ̀tún tì í lọ síbi tó o fẹ́, tẹ OK lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè jókòó. Tó o bá gbàgbé OK ìkẹyìn yẹn tó o lọ tẹ Back, wàá kàn rò pé kò ṣiṣẹ́ ni. Èyí tó ò fẹ́ rí níbẹ̀, di OK mú lórí òun náà, wàá rí ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ kúrò ní fávọ́rìtì. Kò parẹ́ o, ó ṣì wà nínú Apps ní ìpẹ̀kun òsì, kò kàn ní máa yọjú sí màmá mọ́ ni. Tó o bá fẹ́ fi òmíràn sí i, àmì + tó wà ní òpin ìlà yẹn ni wàá lò.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kó o ṣe kó o tó gbé ohunkóhun: bi màmá léèrè ibi tí wọ́n mọ YouTube sí. Èmi ni mo ń sọ ọ́ fún ẹ, mo ní oníbàárà kan, ìyá àgbà ni wọ́n, wọn ò ka orúkọ áàpù rárá, ohun tí wọ́n mọ̀ ò ju "ẹ̀kẹta láti ọwọ́ òsì" lọ. Èmi wá rò pé oore ni mo ń ṣe, mo gbé e sí ìkíní. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi pè mí pé mo ti ba tẹlifíṣọ̀n àwọn jẹ́. Torí náà tí ọwọ́ màmá bá ti mọ́ ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta náà ni kó o fi í sí, kó o yọ àwọn tó wà níwájú ẹ̀ tó jẹ́ tí kò wúlò, kó o wá fi nǹkan méjì tí kò léwu dí àyè yẹn. Settings gan-an ni kó o má fi síbẹ̀.

Ní ti fídíò tó ń dédé ṣeré: Settings, lẹ́yìn náà Device Preferences, lẹ́yìn náà Home screen. Pa Enable video previews, kó o pa Enable audio previews náà. Bí ojú bá ṣe dúró lórí àwòrán kan báyìí ló ti ń fa fídíò wọlé, màmá sì lè gbé rímóòtù sílẹ̀ kí wọ́n lọ se ọ̀fadà, kí dátà máa lọ ní tiẹ̀. Àwọn ìlà ìsàlẹ̀ tó kún fún àwòrán fíìmù, sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, wàá rí Customize channels, pa gbogbo ohun tó ò bá fẹ́ níbẹ̀. Ṣe ìyẹn kó o padà wá sọ fún wa.

ÌyáTáíwò_Peckham
Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí ló gùn tó báyìí? LG ni mo ní ńlé. Mo ṣí YouTube, mo tẹ nọ́ńbà 3 lórí rímóòtù mọ́lẹ̀, ó bi mí bóyá kí òun tọ́jú ẹ̀ sí 3, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti di 3 mú báyìí, YouTube dé. Mi ò dáńlóòdù nǹkan kan, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Wáyàmán
Ìyá Táíwò, òótọ́ lẹ sọ, LG ti kọ ìyẹn sínú tẹlifíṣọ̀n wọn, Quick Access ni wọ́n ń pè é, tí ẹ bá di 0 mú ẹ máa rí gbogbo ohun tí ẹ ti fi sórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ rímóòtù bọ́ọ̀kìsì Tọ́lá ò ní nọ́ńbà kankan, ọfà, OK, Back, Home àti bọ́tìnnì áàpù ló wà lára ẹ̀. Android 9 ò sì ní ibì kankan nínú Settings tí wọ́n ti ń yí bọ́tìnnì áàpù padà. Ìdí tí a fi ń lọ́ lẹ́yìn ilé nìyẹn.

ÌyáTáíwò_Peckham
Ó yé mi. Ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ bọ́tìnnì Netflix lára tèmi náà ò ṣeé yí o, mo ti gbìyànjú ẹ̀, nọ́ńbà nìkan ló gbà.

Tọ́lá_Mókọ́lá
Ẹ ṣé gan-an bọ̀ọ̀dá Wáyàmán. Mo ti ṣe é lálẹ́ àná. Mo bi màmá, ẹ ò ní gbà gbọ́, wọ́n ní "èyí tó pupa, ẹ̀kejì sí ẹ̀yìn," ìyẹn ni pé láti ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á! Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo yọ méje kúrò, ó ku mẹ́rin. Fídíò ti dákẹ́. Àmọ́ nǹkan méjì ṣì wà. Ìlà ìpolówó ńlá kan wà lókè tí kò sí nínú Customize channels. Èkejì, mo lọ sí Settings, Apps, See all apps, àwọn kan gba Uninstall, àwọn kan Disable nìkan ni wọ́n ní, ti Netflix wá ṣú, kò ṣeé tẹ̀ rárá.

Kóredé99
Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kọmáǹdì ni. Yọ láńṣà, ìlà ìpolówó yẹn á bá a lọ.

Wáyàmán
Kóredé, rọra. Ká mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìlà òkè yẹn, inú Android TV Home ló wà, àpudéètì ló gbé e wá sára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀kìsì. Lọ sí See all apps, sọ̀kalẹ̀ sí Show system apps, wá Android TV Home, mú Uninstall updates. Láńṣà á padà sí bó ṣe rí ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe bọ́ọ̀kìsì náà, lára ọ̀pọ̀ wọn ìlà yẹn á lọ. Kó o wá wọ Play Store kó o pa àpudéètì aládàáṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan á tún ti gbé e padà. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé YouTube náà ò ní máa ṣe àpudéètì fúnra ẹ̀ mọ́, ìwọ ni wàá máa ṣe é lọ́wọ́ nígbà tó o bá dé ilé. Lójú tèmi, tí ìlà yẹn ò bá ṣe màmá ní nǹkan kan, fi sílẹ̀.

Uninstall àti Disable: èyí tó o fọwọ́ ara ẹ dáńlóòdù ló ń gba Uninstall. Èyí tó bá bọ́ọ̀kìsì wá, Disable ló máa gbà, ìyẹn ni pé á sùn, kò ní yọjú, kò ní ṣiṣẹ́, àmọ́ ara ẹ̀ ṣì wà nínú bọ́ọ̀kìsì. Torí náà má retí kí àyè ńlá ṣí sílẹ̀ o, àpudéètì ẹ̀ àti àwọn nǹkan tó ti kó jọ nìkan ló máa lọ. Àwọn tí mi ò fẹ́ kó o fọwọ́ kàn ni Google Play services, Android System WebView àti Gboard. Èèyàn máa ń fojú tín-ínrín Gboard, wọ́n á ní "ta ló ń tẹ̀wé lórí tẹlifíṣọ̀n," wọ́n á Disable ẹ̀, ó di ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ Wáìfáì, kíbọ́ọ̀dù ò jáde láti fi páásíwọ́ọ̀dù sí i.

Ti Netflix tó ṣú yẹn, ó kan kọmáǹdì lóòótọ́, Kóredé jàre níbẹ̀. Ní Device Preferences, About, gbé ojú sórí Build kó o tẹ OK lẹ́ẹ̀méje, á sọ fún ẹ pé o ti di developer. Padà sẹ́yìn, wọ Developer options, tan USB debugging. Wo nọ́ńbà IP bọ́ọ̀kìsì ní Network & Internet. Lórí láàptọ́ọ̀pù tó wà lórí Wáìfáì kan náà, dáńlóòdù platform-tools ti Google, ṣí fèrèsé kọmáǹdì nínú fódà ẹ̀, kó o kọ:

```
adb connect 192.168.1.23:5555
adb shell pm list packages netflix
adb shell pm disable-user --user 0 com.netflix.ninja
```

Fi IP tìrẹ rọ́pò tèmi. Bó o bá ṣe tẹ ìlà àkọ́kọ́ báyìí, àpótí kan á yọ lójú tẹlifíṣọ̀n tó ń bi ẹ́ bóyá kó gbà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wo tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn, láàptọ́ọ̀pù ni wọ́n tẹjú mọ́, wọ́n á wá rí `unauthorized`, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Gbà á lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìlà kejì kàn ń bi í bóyá Netflix wà níbẹ̀ àti orúkọ tó ń jẹ́ nínú lọ́hùn-ún. Ẹ̀kẹta ló ń fi í sùn. Tó o bá fẹ́ jí i:

```
adb shell pm enable com.netflix.ninja
```

Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo disable, mi ò lo uninstall, torí pé ìlà kan ṣoṣo ni wàá fi dá a padà. Tó o bá parí, padà lọ pa USB debugging.

Ṣẹ́gun_Ọ̀tà
Ẹ gbà mí o. Èmi ò dúró de Wáyàmán, ti Kóredé ni mo ṣe lánàá, mo disable `com.google.android.tvlauncher` kí n tó fi nǹkan kan rọ́pò ẹ̀, mo ní mo máa dáńlóòdù FLauncher tó bá yá. Mo tẹ Home, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Mo pa á, mo tún un tàn, àmì Android yọ, ó tún dúdú. Nǹkan kan ò sí lójú, mi ò lè dé Settings. Ìyàwó mi ò tíì mọ̀. Aago méje ni wọ́n máa wo eré wọn.

Kóredé99
Ah. Èmi rò pé ó yé èèyàn pé FLauncher ló máa kọ́kọ́ wọlé. Báyẹn ni mo ṣe é lórí tèmi, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Wáyàmán
Ṣẹ́gun, fọkàn balẹ̀, má tíì rísẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Bọ́ọ̀kìsì yẹn ò kú, kò kàn ní ojú ilé tó máa gbé jáde ni. Tí o kò bá tíì pa USB debugging, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì ṣí. Kọ èyí lórí láàptọ́ọ̀pù:

```
adb connect 192.168.1.23:5555
adb shell pm enable com.google.android.tvlauncher
```

Tí kò bá gba connect, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ráútà ti fún un ní IP mìíràn nígbà tó o tún un tàn, wọ ojú ìwé ráútà kó o wo nọ́ńbà tó ń lò báyìí.

Ṣẹ́gun_Ọ̀tà
IP ti yí lóòótọ́! Ó kúrò ní .12, ó di .15. Mo kọ ọ́, mo tẹ Home, gbogbo ẹ̀ padà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ nìyí. Ọlọ́run á bù kún yín. Kóredé, èmi àti ẹ á jọ sọ̀rọ̀.

Wáyàmán
Ó dáa. Fún ẹni tó bá ṣì fẹ́ láńṣà mìíràn, dáńlóòdù ẹ̀ ná, ṣí i, lò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kó o rí i pé o lè dé Settings látinú ẹ̀, kó o tó fi ọwọ́ kan ti àtilẹ̀wá. Àwọn kan bíi Projectivy Launcher lè gba ipò Home láìjẹ́ pé o pa ti àtilẹ̀wá rárá, ìyẹn ló wù mí jù fún ilé tí àgbàlagbà ń gbé. Àmọ́ fún màmá Tọ́lá, mi ò rí ìdí kankan tó fi yẹ ká gbé láńṣà tuntun wá. Fávọ́rìtì mẹ́rin ti tó.

Tọ́lá_Mókọ́lá
Netflix ti sùn. Ó kan rímóòtù. Mo ti dáńlóòdù Button Mapper. Ó ní kí n lọ tan òun ní Accessibility, ẹ̀rù wá bà mí torí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Títí_Ṣàgámù
Ó yẹ kí ẹ̀rù bà ẹ́. Áàpù tó bá ti gba Accessibility lè rí bọ́tìnnì tí o tẹ̀ àti nǹkan tó wà lójú. Èmi ò lè gbà á sórí nǹkan tí mo fi Google mi wọlé sí. Mo mọ̀ pé gbogbo yín á ní mo ń ṣe àṣejù.

Wáyàmán
Títí, o ò ṣe àṣejù. Báyẹn ló ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sí ọ̀nà tí áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ ṣe lè mọ̀ pé wọ́n tẹ bọ́tìnnì bí kò bá gba àyè yẹn. Ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn oníbàárà ni pé mo máa ń ṣí àkáǹtì Google tuntun fún tẹlifíṣọ̀n nìkan, kò ní ímeèlì ẹnikẹ́ni nínú, kò ní káàdì báńkì. Mo sì máa ń dáńlóòdù ẹ̀ láti Play Store nìkan, kì í ṣe èyí tẹ́nìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìyẹn ni èmi fara mọ́. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó fi bọ́tìnnì sílẹ̀ bó ṣe wà.

Títí_Ṣàgámù
Àkáǹtì ọ̀tọ̀ yẹn dáa. Síbẹ̀ èmi ò ní ṣe é.

Wáyàmán
Tọ́lá, tó o bá gbà: Settings, Device Preferences, Accessibility, tan Button Mapper. Padà sínú áàpù náà, mú Add buttons, kó o wá tẹ bọ́tìnnì Netflix lórí rímóòtù. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ bó ṣe máa rí. Tí orúkọ tàbí nọ́ńbà bọ́tìnnì bá yọ, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Tí nǹkan kan ò bá yọ, bọ́ọ̀kìsì fúnra ẹ̀ ló ń gbà á kó tó dé ọ̀dọ̀ áàpù. Tó bá yọ àmọ́ tí nǹkan mìíràn ṣì ń ṣí lé e lórí, àwọn méjèèjì ló jọ ń gbọ́ ọ. Fífi tí a fi Netflix sùn ń tán ti ẹ̀kẹta yìí ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdí tí mo fi ní ká ṣe é ṣáájú nìyẹn.

Tọ́lá_Mókọ́lá
Ó yọ! Mo fi YouTube sí Single tap. Mo tẹ̀ ẹ́, YouTube ṣí. Mo fún màmá, wọ́n tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo gbà á, mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Mo dá a padà fún wọn, kò ṣí. Wọ́n ní rímóòtù yìí mọ ojú èèyàn.

Wáyàmán
Háà, mo rẹ́rìn-ín. Wo àtàǹpàkò màmá dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́. Àgbàlagbà kì í tẹ bọ́tìnnì wéré bíi tiwa, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ agogo ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ á dúró síbẹ̀. Áàpù á kà á sí Long press, o ò sì fi nǹkan kan síbẹ̀. Fi YouTube sí Long press náà. Double tap, fi sílẹ̀ lófo, torí tó o bá fi nǹkan síbẹ̀, á máa dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìtẹ̀ kan láti wò ó bóyá ẹ̀kejì ń bọ̀, gbogbo nǹkan á wá máa falẹ̀.

Tọ́lá_Mókọ́lá
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wọ́n sì ń wo ojú mi pé ṣé ó ti tó. Mo fi sí méjèèjì, ó ti ń ṣí fún wọn.

Alàgbà_Òṣogbo
Ẹ kú oríire. Èmi náà ń tẹ ti èmi pẹ́. Ẹ má fi àgbà ṣẹ̀sín.

Tọ́lá_Mókọ́lá
Bàbá, ẹ má bínú sí wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún gbà mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti padà s'Ékòó, ó ti pé ọjọ́ márùn-ún. Màmá pè pé ní àárọ̀ bọ́tìnnì kì í gbọ́, àfi tí àbúrò mi bá bá wọn ṣe nǹkan kan. Ó ní Accessibility ṣì wà ní On tí òun bá wò ó, àmọ́ tí òun bá pa á tí òun tún tàn án, ó máa ń ṣiṣẹ́. Bọ́tìnnì kejì tún wà o, ti áàpù fíìmù kan tí a ò sanwó fún, òun ò yọ rárá nínú Add buttons. Tí wọ́n bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, Play Store ló ń gbé jáde báyìí tí mo ti fi áàpù yẹn sùn.

Kóredé99
Ti àkọ́kọ́, RAM ló ń ṣe é. Bọ́ọ̀kìsì yẹn kéré.

Wáyàmán
Kóredé gbà á lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí bọ́ọ̀kìsì bá sùn tàbí tí àyè bá fún un, ó máa ń pa àwọn nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ó lè pa Button Mapper kó má sì yí On padà sí Off. Kí àbúrò rẹ wò ó bóyá ibì kan wà nínú Settings tí wọ́n ti lè yọ áàpù yẹn kúrò lára àwọn tí ètò máa ń pa láti fi iná pamọ́, kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀kìsì ló ní in. Kó sì fi àwọn áàpù mìíràn tó ń ṣí fúnra wọn sùn. Tí ìyẹn ò bá gbà, kí màmá má fi rímóòtù pa á sùn mọ́, kí wọ́n pa á níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí pé tó bá tàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń gbé Accessibility dìde lọ́tun. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ìyẹn lórí gbogbo bọ́ọ̀kìsì, dán an wò.

Bọ́tìnnì kejì tí kò yọ, tún USB debugging tàn, ṣe adb connect bíi ti tẹ́lẹ̀, kó o wá fi èyí wò ó bóyá ó ń dé inú bọ́ọ̀kìsì rárá:

```
adb shell getevent -l
```

Tẹ bọ́tìnnì tó ń ṣiṣẹ́ kan ná, wàá rí ìlà tó ní `EV_KEY` àti `DOWN`. Wá tẹ èyí tí kò yọ. Tí ìlà bá jáde, ó ń dé inú, àmọ́ ètò bọ́ọ̀kìsì ló ń mú un kó tó kan áàpù, kò sì sí ohun tí Button Mapper lè ṣe sí ìyẹn. Ctrl+C ni wàá fi dá a dúró.

Tọ́lá_Mókọ́lá
Àbúrò mi ti ṣe é. Ìlà jáde. Á jẹ́ pé bọ́ọ̀kìsì ló ń gbé e mì.

Ṣẹ́gun_Ọ̀tà
Fi Play Store náà sùn, kó má rí ibi tó máa lọ.

Wáyàmán
Má ṣe bẹ́ẹ̀, YouTube ò ní rí àpudéètì gbà mọ́, lọ́jọ́ kan ó lè ní òun ò ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi ṣe é. Ohun tí èmi ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù nìyí: yọ bátìrì, tú rímóòtù, ọ̀pọ̀ wọn ò ju ìdè ike lọ, rọra fi ike pẹlẹbẹ là á létí. O máa rí rọ́bà tó ní àmì dúdú lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Gé téèpù iná dúdú kó tó bí èékánná ọwọ́ kékeré, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí àmì dúdú bọ́tìnnì yẹn ti ń kan pátákó, ibẹ̀ nìkan o, kó má kan ti OK. Dè é padà. Wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ títí ayé, kò ní gbọ́.

Títí_Ṣàgámù
Ẹ wò ó, gbogbo kọmáǹdì yìí, téèpù ló wá ṣe é. Téèpù kì í béèrè Accessibility o.

Kóredé99
😂😂 Ó dára kí ó fi téèpù bo méjèèjì nígbà náà.

Tọ́lá_Mókọ́lá
Àbúrò mi ti lẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ Back, a tún tú u. Bọ́tìnnì yẹn ti dákẹ́ báyìí. Ti àárọ̀, màmá ti ń pa á níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ mẹ́ta ti pé, lọ́jọ́ méjì ó gbọ́, lọ́jọ́ kan kò gbọ́. Mi ò tíì mọ ohun tó fa ti ọjọ́ kẹta yẹn. Wọ́n ní tí kò bá ti gbọ́, àwọn ò ní pe ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn á kàn fi ọfà lọ síbi èyí tó pupa, ẹ̀kejì sí ẹ̀yìn.